Bí Ẹ̀jẹ̀ Bá Pẹ́ Kó Tó Dì: Ṣé Èròjà Ló Dín, àbí Adènà Ló Wà Níbẹ̀?

Obìnrin kan bímọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú kiri láìjẹ́ pé ó fi gbá nǹkan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí láàbù, ìwé èsì sì gbé nọ́ńbà kan wá: APTT, ìṣẹ́jú àáyá 84. Láàárín 27 sí 36 ló yẹ kó wà. Ohun tí nọ́ńbà yìí sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù kó tó dì nínú ìgò. Kò sọ ohun tó fà á.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò tó lára rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ń ṣe èròjà náà, ṣùgbọ́n adènà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fún un ní èròjà tó dín, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, èyí tí wọ́n bá fún un ni adènà yóò tún bà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà nìṣó. Irú adènà kẹta tún wà tó ń mú nọ́ńbà yìí gùn lára ẹni tí ìṣòro rẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dì ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, láàbù á po plásímà aláìsàn mọ́ plásímà àwọn tí ara wọn dá, wọ́n á sì tún ka àkókò. Iṣẹ́ tí kò le ni. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé wọ́n lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n sì gba èsì yẹn gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé adènà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà jù lọ máa ń fi ara pamọ́ fún wákàtí kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń kà

Ìgò kékeré tó ní ìdérí búlúù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ yìí sí. Omi sítíréètì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdá kan sí ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀. Sítíréètì á di kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ kì í dì láìsí kálísíọ́mù, nítorí náà yóò wà bí omi títí tí yóò fi dé láàbù. Níbẹ̀ wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ìgò náà pòòyì kíkankíkan, sẹ́ẹ̀lì pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, plásímà, omi tó pọ́n bí ìyeyè, á dá wà lókè. Plásímà yìí ni wọ́n ń dán wò.

Wọ́n á po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀rá kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí ara pẹlẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú wa, àti mọ́ ohun tó lè ta àwọn èròjà náà jí. Sílíkà ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò fún èyí. Àwọn mìíràn ń lo káólìnì, amọ̀ funfun tó jọ ẹfun, tó ti wà nínú àyẹ̀wò yìí láti 1961. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ní ìwọ̀n ooru ara, 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá kálísíọ́mù padà sí i, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àwọn èròjà amú-ẹ̀jẹ̀-dì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fákítọ̀, á wá máa jí ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Fákítọ̀ kejìlá á jí ìkọkànlá, ìkọkànlá á jí ìkẹsàn-án. Ìkẹsàn-án, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìkẹjọ, á jí ìkẹwàá. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ á ti dé ọ̀dọ̀ fíbírínójẹ̀nì, tí yóò di fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ń so ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bí fọ́nrán yẹn bá ti yọ, aago dúró.

Àyẹ̀wò kan wà tó máa ń bá a rìn, tí wọ́n ń kọ PT sí lórí ìwé èsì. Ìyẹn gba ọ̀nà fákítọ̀ keje, kò sì dé ọ̀dọ̀ ìkẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Nítorí náà, bí PT bá dára tí APTT nìkan gùn, fákítọ̀ mẹ́rin yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ó fura sí, tàbí kí adènà wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó gùn ló ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ yóò dà. Ní 1955, Oscar Ratnoff àti Joan Colopy kọ ìròyìn nípa John Hageman, òṣìṣẹ́ ojú irin ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó dì nínú ìgò, síbẹ̀ kò ní ìtàn ẹ̀jẹ̀ dídà rárá. Fákítọ̀ kejìlá ni kò ní, ara sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìsí i. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró ló pa Hageman ní 1968. Nítorí rẹ̀, kí dókítà tó gbé nọ́ńbà náà yẹ̀ wò, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹni yìí ń ṣẹ̀jẹ̀ lóòótọ́?

Ìdí tí wọ́n fi ń pò ó pọ̀

Ní 1947, Alfredo Pavlovsky, dókítà ní ìlú Buenos Aires, kọ̀wé lórí ohun kan tó yà á lẹ́nu. Ó po ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tí wọ́n sọ pé àwọn méjèèjì ní hẹmofílíà, àdàpọ̀ náà sì dì dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ló dín lára àwọn méjèèjì, kò yẹ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹnì kìíní ní ohun tí ẹnì kejì kò ní. Ní 1952, àwọn oníṣègùn ní Oxford fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìsàn méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ àìtó fákítọ̀ kẹjọ. Èkejì, tí wọ́n fi orúkọ ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Christmas pè, jẹ́ àìtó fákítọ̀ kẹsàn-án. Ìmọ̀ yẹn náà ni láàbù òde òní ń lò.

Plásímà tí wọ́n fi ń po ti aláìsàn kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n máa ń kó ti ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, kí gbogbo fákítọ̀ inú rẹ̀ lè súnmọ́ ìdá ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á wọn ìdá kan rẹ̀ sí ìdá kan ti aláìsàn. Ká sọ pé aláìsàn kò ní fákítọ̀ kẹjọ kankan. Àdàpọ̀ náà yóò ṣì ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. APTT kì í sábà gùn títí fákítọ̀ kan yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n sí ogójì, nítorí náà ìdá àádọ́ta ti tó láti mú àkókò náà padà bọ̀ sípò.

Adènà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọbẹ̀ kò bá níyọ̀, tí a da ìlàjì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pé, a ó rí i jẹ. Bó bá jẹ́ pé ewúro tí a kò fọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ńṣe ni yóò ba ọbẹ̀ kejì jẹ́ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni adènà ṣe máa ń dojú kọ fákítọ̀ tó wà nínú plásímà tó dára, tí àkókò náà yóò ṣì gùn.

Wákàtí méjì tó yí ìdájọ́ padà

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin abiyamọ yẹn. Àpẹẹrẹ ni, mo tò ó bí àìsàn náà ṣe sábà máa ń wá. Ọmọ ọdún 31 ni. Ibi tó dúdú ní itan rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, apá tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ sì wú. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú ẹbí wọn. Ó ti bímọ kan ṣáájú, wọ́n sì ti yọ eyín rẹ̀ rí, ẹ̀jẹ̀ kò dà ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń ṣe é jẹ́ tuntun, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, nítorí àìtó tí a bí mọ́ni kì í dúró di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Pẹlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé. PT rẹ̀ jẹ́ 13, ó dára. APTT rẹ̀ ni 84. Láàbù po plásímà rẹ̀ mọ́ plásímà àwọn ara-líle, wọ́n sì kà á lójú ẹsẹ̀: 38. Plásímà àwọn ara-líle nìkan jẹ́ 31. Ọ̀nà kan wà láti fi ìṣirò dá èyí lẹ́jọ́: yọ àkókò ara-líle kúrò nínú ti àdàpọ̀, fi ti aláìsàn pín in, kí o sì fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀.

(38 − 31) ÷ 84 × 100 = 8.3

Láàbù kọ̀ọ̀kan ló ń fi ààlà tirẹ̀ lélẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ka ohun tí kò tó 12 sí àdàpọ̀ tó ti bọ̀ sípò, wọ́n sì ka ohun tó ju 15 lọ sí àmì adènà. Bí a bá tẹ̀ lé 8.3 yìí, èròjà ló dín. Ẹni tó bá dúró síbí yóò gba dókítà nímọ̀ràn pé kó fún un ní plásímà tàbí fákítọ̀ kẹjọ, yóò sì ti ṣì í lọ́nà.

Ọ̀gá láàbù yìí kò dúró síbẹ̀. Ó gbé àdàpọ̀ náà sínú omi gbígbóná ní ìwọ̀n 37 fún wákàtí méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé plásímà aláìsàn sínú ìgò tirẹ̀ àti ti àwọn ara-líle sínú ìgò tirẹ̀, fún wákàtí méjì kan náà, ó wá pò wọ́n pọ̀ nígbà tí wákàtí pé. Ìdí rẹ̀ ni pé fákítọ̀ kẹjọ àti ìkarùn-ún a máa dín kù fúnra wọn bí wọ́n bá pẹ́ nínú ooru. Láìsí ìgò ìfiwéra yìí, kò ní mọ̀ bóyá adènà ló fa ìgùn tó rí tàbí ooru.

Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò pọ̀ jẹ́ 41. Èyí tó ti wà papọ̀ láti wákàtí méjì jẹ́ 61. Plásímà kan náà ni, ooru kan náà, wákàtí kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó fi yàtọ̀ ni pé nínú ìgò kejì, plásímà obìnrin náà ráyè wà pẹ̀lú fákítọ̀ àwọn ara-líle. Ogún ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín wọn ni iṣẹ́ adènà.

Àńtíbọ́dì ni adènà yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun tí ara ń ṣe láti bá àrùn jà, àmọ́ tó ti dojú kọ fákítọ̀ kẹjọ ara ẹni tó ni ín. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ fákítọ̀ náà, ooru ara ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àdàpọ̀ fi dà bí ẹni pé ó dára lójú ẹsẹ̀. Hẹmofílíà tí a kò bí mọ́ni ni àìsàn yìí. Nǹkan bí ẹnì kan sí méjì nínú mílíọ̀nù ènìyàn ló ń mú lọ́dún, pàápàá àwọn àgbàlagbà, àti àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Abẹ́ awọ àti inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń dà, láìdàbí ti àwọn tí a bí i mọ́, tí oríkèé ara wọn ń wú.

Wíwọn adènà, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i

Àdàpọ̀ kò lè dárúkọ fákítọ̀ tí wọ́n ń dènà, nítorí náà wọ́n wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá pé. Ìkẹjọ jẹ́ ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn agbára adènà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1975, ń jẹ́ Bẹtẹ́sídà. Ẹyọ kan ni adènà tó lè pa ìdajì fákítọ̀ kẹjọ inú plásímà àwọn ara-líle láàárín wákàtí méjì ní ìwọ̀n 37. Wọ́n á máa fi omi la plásímà aláìsàn, ìlọ́po méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí wọn yóò fi dé ibi tí ìdajì fákítọ̀ náà bá kù. Ti obìnrin yìí kò dé ibẹ̀ títí wọ́n fi là á ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹyọ Bẹtẹ́sídà 16 nìyẹn. Bí adènà bá ju ẹyọ márùn-ún lọ, ó ti lágbára débi pé fákítọ̀ kẹjọ tí wọ́n bá fún un kì í sábà ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí kò kan fákítọ̀ kẹjọ ni wọ́n ń gbà dá irú ẹ̀jẹ̀ yìí dúró. Fákítọ̀ keje tí wọ́n ti ta jí ṣáájú jẹ́ ọ̀kan: ó fo ibi tí adènà dúró sí kọjá, ó sì lọ jí ìkẹwàá. Òmíràn ni fákítọ̀ kẹjọ tí wọ́n ṣe ní irú ti ẹlẹ́dẹ̀, tí àńtíbọ́dì ènìyàn kì í sábà dá mọ̀ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, oògùn á wà tí yóò pa ẹnu àńtíbọ́dì náà mọ́. Pẹredinisólónì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n mílígíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara lójúmọ́. Wọ́n máa ń fi sáíkílófọ́sífámáìdì kún un fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò sí abẹ́rẹ́ ìdí, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dúró di ìgbà mìíràn.

Adènà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì

Ká ní àdàpọ̀ obìnrin náà ti gùn lójú ẹsẹ̀, ká sọ pé ó jẹ́ 58, tí kò sì yí padà lẹ́yìn wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ á gba ibòmíràn. Adènà lúpọ́ọ̀sì ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in kò ní àìsàn lúpọ́ọ̀sì rárá. Kì í bá fákítọ̀ kan jà. Ọ̀rá tí láàbù fi sínú ìgò àti àwọn pùrótéènì tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń dìmọ́, tí àwọn fákítọ̀ kò fi ríbi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí aago fi pẹ́. Nínú ara, ìdàkejì ló ń ṣe: ẹ̀jẹ̀ á dì sínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, oyún á sì máa bàjẹ́.

Ọ̀rá ni wọ́n fi ń mú un. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá púpọ̀ kún àyẹ̀wò, adènà náà á kún dé ọrùn, àkókò á sì kúrú. Adènà fákítọ̀ kẹjọ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún àyẹ̀wò lúpọ́ọ̀sì ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, nítorí pé àkóràn lásán lè mú un wá fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ní in tí wọ́n fawọ́ oògùn tó ń lẹ ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn fún, torí pé APTT rẹ̀ gùn, ni wọ́n ń fi sínú ewu.

Ohun tó ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni hẹ́párìn. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láti ara okùn dírípù tí wọ́n ti fi hẹ́párìn ṣàn, APTT á gùn, àdàpọ̀ kò sì ní bọ̀ sípò, torí pé hẹ́párìn á ṣiṣẹ́ lórí plásímà àwọn ara-líle náà. Yóò jọ adènà ní gbogbo ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò tírọ́ńbìnì kí wọ́n tó pò ó: hẹ́párìn á mú un gùn gan-an, adènà fákítọ̀ kẹjọ kò ní fọwọ́ kàn án. Ti obìnrin abiyamọ wa jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 16, ó dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ̀ síwájú. Àwọn oògùn oníhóró tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì lè ṣe irú ìtànjẹ yìí pẹ̀lú.

Ìgò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò kún dé ìlà tún ń ṣìnà. Sítíréètì á pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, á tún di lára kálísíọ́mù tí láàbù dá padà mú, àkókò á sì gùn lásán. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tún òmíràn gbà. Plásímà tí wọn kò yí dáadáa ní àléébù tirẹ̀: pẹlẹ́ẹ̀tì tó kù sínú rẹ̀ ní ọ̀rá lára, ọ̀rá yẹn sì lè bo adènà lúpọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń yí i nítorí èyí.

Ààlà kan wà tí ìṣọ́ra kò lè mú kúrò. Pípò ìdá kan sí ìdá kan ń dín agbára adènà kù sí ìdajì, nítorí náà adènà tó bá ti rọ̀ lè pòórá sínú àdàpọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń fura, wọ́n á po ìdá mẹ́rin ti aláìsàn mọ́ ìdá kan ti àwọn ara-líle. Ní ìdàkejì, ẹni tí ọ̀pọ̀ fákítọ̀ rẹ̀ dín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí alárùn ẹ̀dọ̀, lè ní àdàpọ̀ tí kò bọ̀ sípò tán láìsí adènà kankan.

Ohun mẹ́ta ni aláìsàn lè fi ran àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́: kó dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, kó sọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí ibi dúdú bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ bí eyín yíyọ, ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ tó ti kọjá ṣe lọ. Dókítà tó bá gba èsì pé àdàpọ̀ bọ̀ sípò, nígbà tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lójijì láìsí ìtàn rẹ̀ rí, kó bi láàbù bóyá lójú ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n kà á. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí: kí wọ́n gbé àdàpọ̀ náà padà sínú ooru fún wákàtí méjì, pẹ̀lú ìgò ìfiwéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fún aláìsàn ní fákítọ̀ tí adènà lè pa run.